Nígbà Tí “Bẹ́ẹ̀ Ni Mà” Kì Í Ṣe Ìdáhùn

Ẹ wo ìbéèrè yìí: “Báwo ni o ṣe gbà tó pé oúnjẹ ilé ìwé tẹ́ ọ lọ́rùn ní oṣù tó kọjá?” Àpótí márùn-ún ló wà lábẹ́ rẹ̀: mo gbà gidigidi, mo gbà, n kò lè sọ, n kò gbà, n kò gbà rárá. Àgbàlagbà tó kàwé lè fi bírò sàmì sí ọ̀kan láìronú púpọ̀. Ẹ wá gbé e síwájú ọmọ ọdún méje tó wà ní kíláàsì kejì ní Òdógbólú, kí ẹ sì fi ohùn jẹ́jẹ́ kà á fún un. Á wo ojú yín, á wo ilẹ̀, á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mà.” Ẹni tó ń kọ ìdáhùn á sàmì sí “mo gbà gidigidi,” á sì kọjá sí èyí tó kàn.

Ọmọ yẹn kò tíì sọ nǹkan kan nípa oúnjẹ. Ó kí yín ni.

Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ni mo fẹ́ tú palẹ̀: ohun tó bà á jẹ́, bí a ṣe ń tún un kọ tí a ó fi lè fi àwòrán tì í lẹ́yìn, àti ohun tí a fi ń mọ̀ bóyá àtúnṣe náà ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní Ìjagun, Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìlíṣàn, tí ẹ sì ń gbé ìwé ìbéèrè wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló pàdé lẹ́nu ọmọ náà tó fi ní bẹ́ẹ̀ ni. Èyí àkọ́kọ́ ni ìgbàgbọ́ tí ọmọdé ní nínú àgbàlagbà. Ní 1980, Martin Hughes àti Robert Grieve bi àwọn ọmọ ọdún márùn-ún àti méje ní ìbéèrè tí kò nítumọ̀ rárá: ṣé wàrà tóbi ju omi lọ? Ṣé pupa wúwo ju yẹ́lò lọ? Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà dáhùn, wọ́n tún ṣàlàyé ìdí tí ìdáhùn wọn fi rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé àgbàlagbà kò lè ṣàdédé béèrè ohun tí kò ní ìdáhùn. Nítorí náà, tí ọmọ bá dáhùn ìbéèrè yín láìkólòlò, kò tíì di ẹ̀rí pé ìbéèrè náà yé e.

Èkejì ni ẹ̀kọ́ ilé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní 2016, àwọn obìnrin àdúgbò ni wọ́n gbà láti se oúnjẹ náà. Ó lè jẹ́ pé àǹtí ọmọ náà ló se ẹ̀wà tí ẹ ń béèrè, ó sì lè jẹ́ ẹnì kan tó bá ìyá rẹ̀ gbé àdúgbò. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ tí ẹni tó jù ú lọ fún un. Nílé gan-an, tí wọ́n bá bi í bóyá ó ṣì fẹ́ jẹun, ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti sọ ni “Mo ti yó, ẹ ṣé.”

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo rò pé a kì í kíyè sí tó. Ìkíni wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbéèrè tán. “Ṣé dáadáa ni?” “Ṣé ara le?” “Ṣé ilé wà?” Ìdáhùn wọn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó béèrè: “A dúpẹ́.” Ẹni tí ibà ń ṣe náà á kọ́kọ́ dúpẹ́ kó tó sọ pé ibà ń ṣe òun. Gbólóhùn tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ṣé” tàbí “báwo ni,” tí ohun rere sì tẹ̀ lé e, á dún létí bí ìkíni, ìdáhùn ìkíni náà ni yóò sì gbà. Bó ṣe rí fún ọmọ kíláàsì kejì náà ló rí fún ìyá àgbà ẹni àádọ́rin ọdún.

Tí a bá wá wo inú gbólóhùn náà, ẹrù tó gbé ka ọmọ lórí pọ̀. “Gbà” kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ. Ọmọ ní láti kọ́kọ́ di gbólóhùn ẹlòmíràn mú lọ́kàn, kó wá padà wo ikùn ara rẹ̀, kó sì fi méjèèjì wé ara wọn. “Tẹ́ lọ́rùn” lè jẹ́ ọ̀rọ̀ pé oúnjẹ pọ̀ tó, ó lè jẹ́ pé ó dùn, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n tètè gbé e dé. “Oṣù tó kọjá” kò ní ojú lọ́kàn ọmọ ọdún méje. Ní ti àpótí márùn-ún, èyí tí Rensis Likert gbé jáde ní 1932, àgbàlagbà ló ṣe é fún, ìyẹn ẹni tó lè sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí á gbà àti kí á gbà gidigidi. Àwọn onímọ̀ ìwádìí ní Nẹ́dálàńdì tó ti gbé ọ̀rọ̀ ọmọdé yẹ̀ wò gbà pé ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́jọ kí ọmọ tó lè bá ìwé ìbéèrè tí a to ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ ṣe, pẹ̀lú ìṣọ́ra náà sì ni.

Àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀, kó tó kan àwòrán. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ́kọ́ sáré lọ ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín àti ojú tó ń sunkún, tí wọ́n á wá lẹ̀ wọ́n mọ́ ìbéèrè tí kò dára. Àwòrán kò lè gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ là. Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ kan tí ara ọmọ mọ̀. Èdè wa ti fún wa ní ọ̀kan tó ṣe wẹ́kú: “yó.” Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ìyàtọ̀ láàárín kí ebi ṣì máa pa òun àti kí òun yó. “Yó” kò da adùn pọ̀ mọ́ ìwọ̀n. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bóyá oúnjẹ náà dùn, ẹ béèrè ìyẹn lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa àkókò sún mọ́ ọmọ, kí ó má kọjá àná. Ìyẹn já sí pé ẹ kò gbọ́dọ̀ lọ ní ọjọ́ Ajé, nítorí ọjọ́ Àìkú ni àná rẹ̀, kò sì sí ilé ìwé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí ọjọ́ Ẹtì ló dára. Tí ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ẹ jẹ́ kí wọ́n lo ọjọ́ kan nílé ìwé kí ẹ tó dé. Ìbéèrè ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ yẹ kó wọlé: “Lánàá, ṣé o jẹ oúnjẹ tí wọ́n pín nílé ìwé, àbí o ò jẹ ẹ́?” Ọ̀rọ̀ “àbí” yẹn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí “bẹ́ẹ̀ ni mà” kò lè dáhùn ìbéèrè tó ní apá méjì. Tí ọmọ bá ṣì ní “bẹ́ẹ̀ ni,” ẹ ti mọ lójú ẹsẹ̀ pé kò gbọ́ yín, ẹ ó sì tún un béèrè.

Kí ọmọ náà má baà máa wá ohun tí àgbàlagbà fẹ́ gbọ́, ọgbọ́n kan wà tí Susan Harter àti Robin Pike lò nínú ìwé àwòrán tí wọ́n ṣe ní 1984 fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje. Wọ́n ya ọmọ méjì sórí ìwé kan. Ọmọ kìíní ń ṣe báyìí, ọmọ kejì ń ṣe báyẹn, kò sì sí èyí tí wọ́n bú nínú àwọn méjèèjì. Ọmọ tí wọ́n ń bi á tọ́ka sí èyí tó jọ òun. Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́ àwòrán tó mú ní róńdó ńlá kan àti kékeré kan, yóò sì sọ bóyá ó jọ ọ́ púpọ̀ àbí díẹ̀. Ìgbésẹ̀ méjì ni, àmọ́ ìdáhùn mẹ́rin ló ń mú jáde. Ọmọ kò sì fìgbà kan rí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti oúnjẹ wa, báyìí ni olùbéèrè yóò ṣe sọ ọ́, tí ìka rẹ̀ á máa tẹ̀ lé àwòrán bó ṣe ń sọ:

“Ọmọ yìí jẹun tán nílé ìwé, ebi ṣì ń pa á. Ọmọ yìí jẹun tán nílé ìwé, ó yó. Lánàá, nígbà tí ìwọ jẹun tán, èwo nínú wọn ló ṣe bíi tìẹ?”

Kí ó dákẹ́. Kí ó má fi orí dáhùn, kí ó má rẹ́rìn-ín. Tí ọmọ bá tọ́ka sí ọmọ tí ebi ń pa: “Ṣé ebi ńlá ni, àbí ebi díẹ̀?” Tó bá tọ́ka sí èkejì: “Ṣé o yó dáadáa, àbí o yó díẹ̀?” Inú ìwé, ebi ńlá ni 1, ebi díẹ̀ ni 2, yó díẹ̀ ni 3, yó dáadáa ni 4. Kò sí àárín, n kò sì rò pé ó yẹ kó wà fún ọmọ ọdún yìí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sá sí nígbà tí ìbéèrè kò bá yé wọn. Ẹ jẹ́ kí olùbéèrè ní ibi tí yóò kọ “kò mọ̀” sí, ṣùgbọ́n kó má kà á fún ọmọ.

Yíya àwòrán náà ló máa ń gba àkókò jù. Ìdajì ìwé A4 tó fún páálí kan, kí ìlà rẹ̀ dúdú, kó nípọn, kó má sì ní àwọ̀. Pupa ni olùkọ́ fi ń kọ “kò gba” sínú ìwé ọmọ, nítorí náà ọmọ á sá fún ohunkóhun tó bá pupa. Àwọn ọmọ méjèèjì inú àwòrán gbọ́dọ̀ ga bákan náà, kí aṣọ wọn rí bákan náà, kó má sì jẹ́ yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé kankan tó wà ládùúgbò. Páálí àwọn obìnrin yàtọ̀ sí ti àwọn ọkùnrin, torí ọmọbìnrin tí ẹ bá bi pé èwo nínú ọkùnrin méjì ló jọ ọ́ lè sọ pé kò sí.

Báwo la ṣe ń ya ebi? Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ni ọmọ tó fi ọwọ́ di ikùn mú. Ẹ fi han àwọn ọmọ, kí ẹ bi wọ́n pé kí ló ń ṣe é. Wọ́n lè sọ fún yín pé inú ń run ún. Ikùn tó yọ síta fún “yó” náà léwu, àìsàn ni ó jọ. Ohun tó dára jù ni kí ìyàtọ̀ wà nínú ìṣe. Ọmọ kan na abọ́ òfìfo síwájú, ojú rẹ̀ wà lára ìkòkò. Ọmọ kejì ti gbé abọ́ òfìfo sílẹ̀, ó ti kẹ̀yìn sí i, ó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ má ya orí nìkan láìsí ara, ẹ má ya ọfà, ẹ má sì ya ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ayàwòrán fi ń fi hàn pé nǹkan ń mì. Ẹni tí kò bá ti máa ń ka ìwé ìtàn aláwòrán kò mọ ohun tí ìlà wọ̀nyẹn ń sọ.

Ẹnì kan á ní, ojú tó ń rẹ́rìn-ín ńkọ́, ṣebí gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n? Ó níbi tó ti wúlò, ó sì níbi tó ti ń tan ni. Òṣùwọ̀n ojú mẹ́fà tí Donna Wong àti Connie Baker ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1983 fún ìrora ọmọdé ló gbajúmọ̀ jù. Ojú ẹ̀rín ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, omijé ló sì parí rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ wé èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú tí kò rẹ́rìn-ín tí kò fajú ro, wọ́n rí i pé èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín máa ń mú kí ìrora tí àwọn ọmọ tọ́ka sí pọ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ọmọ tí kò sí ìrora lára rẹ̀, àmọ́ tí inú rẹ̀ kò dùn, kò lè mú ojú ẹ̀rín. Òṣùwọ̀n ojú mìíràn tó jáde ní 2001 kò ní ẹ̀rín, kò sì ní omijé, nítorí ìrora nìkan ló fẹ́ wọ̀n. Tí ẹ bá wá gbé ojú ẹ̀rín sábẹ́ ìbéèrè nípa ebi, inú dídùn lẹ ń wọ̀n. Ọmọ tí ó yó ṣùgbọ́n tí olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ nà á á tọ́ka sí ojú ẹkún. Òmíràn á mú ojú ẹ̀rín nítorí ó lẹ́wà. Ojú dára fún ohun tó bá ń hàn lójú. Ikùn ẹ fi abọ́ béèrè.

Ohun mìíràn tí ẹ óò rí ni pé ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà a máa lọ sí ìpẹ̀kun, yálà ojú mẹ́ta lẹ tò sílẹ̀ tàbí márùn-ún, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ bí nǹkan ṣe rí lára. Fífi ojú kún ojú kò mú kí ìdáhùn náà péye sí i. Ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ méjì fi sàn: ẹ ti ní ìdáhùn tó ṣeé lò láti ìgbésẹ̀ kìíní, bí ìgbésẹ̀ kejì bá tilẹ̀ bàjẹ́.

Kò sí òṣùwọ̀n tí ọmọ mọ̀ lò láìkọ́ ọ. Kí ẹ tó béèrè nǹkan kan nípa oúnjẹ, ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ìdánrawò pẹ̀lú ohun tí ẹ̀yin fúnra yín mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọmọ jókòó níwájú yín lórí ẹní. Ẹ fi páálí kan hàn án: ọmọ kan dúró, ọmọ kan jókòó, èwo ló ṣe bíi tìẹ báyìí? Ẹ ní kó dìde, kí ẹ tún un béèrè. Ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ bu òkúta méjì sí ọwọ́ kan, mẹ́wàá sí èkejì, kí ẹ ní kó fi róńdó kékeré àti ńlá hàn yín èyí tó bá ọwọ́ kọ̀ọ̀kan mu. Ẹ tò ó débi pé kí ìdánrawò parí, ọmọ á ti tọ́ka sí apá ọ̀tún, apá òsì, róńdó ńlá àti kékeré, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò tíì fọwọ́ kan róńdó kékeré rí nínú ìdánrawò kì í sábà fọwọ́ kàn án nígbà tí iṣẹ́ gan-an bá dé. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì péré. Tí róńdó kò bá tíì yé e, ẹ fi ìgbésẹ̀ kìíní nìkan bi í, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ pín páálí sí oríṣi méjì, A àti B. Nínú A, ọmọ tí ebi ń pa wà lápá òsì. Nínú B, ó wà lápá ọ̀tún. Ìdajì kíláàsì ń rí A, ìdajì ń rí B. Tí ìbéèrè yín bá jẹ́ mẹ́wàá, kí ibi tí ohun rere wà yí padà nínú márùn-ún. Ọmọ tó tọ́ka sí apá ọ̀tún ní gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò dáhùn ìbéèrè kankan. Tí àwọn tó rí A bá sì yó ju àwọn tó rí B lọ dáadáa, apá tí àwòrán wà lẹ wọ̀n, ẹ kò tíì wọn ebi.

Ẹ bi ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, níbi tí olùkọ́ ti lè rí yín àmọ́ tí kò lè gbọ́ yín, kí obìnrin tó ń se oúnjẹ sì má sí nítòsí. Tí ẹ bá bi wọ́n pọ̀, ìdáhùn ọmọ àkọ́kọ́ ni gbogbo àga ìjókòó yẹn yóò fún yín.

Àgbàlagbà tí kò kàwé kì í ṣe ọmọdé, mo sì fẹ́ kí èyí wọ̀ wá létí. Obìnrin tó ń yan gàrí ní abúlé kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó ń ṣírò èrè, àwìn àti owó ẹgbẹ́ lórí rẹ̀ láìlo bírò. Ohun tí kò mọ̀ ni àṣà ìwé: pé a máa ń kà láti òsì sí ọ̀tún, pé ìlà kan lè dúró fún iye. Àwòrán ọmọdé tí a bá gbé fún un á bí i nínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Òṣùwọ̀n tirẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀: kóńgò.

Ká ní ẹ fẹ́ mọ bí gàrí tó kù nílé lẹ́yìn ọjà ṣe pọ̀ tó. Àwòrán kóńgò mẹ́rin, láti òfìfo dé kíkún, dà bí ohun tó yéni kíá. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Lójú ọlọ́jà, kóńgò tó kún dé etí, tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò tíì kún. Kóńgò tó kún ni èyí tó ga lórí bí òkìtì. Tí ẹ bá ya èyí tó tẹ́ tí ẹ pè é ní “kún,” ẹ ti ya ẹni tó rẹ́ni jẹ nínú òṣùwọ̀n, ojú tó sì máa fi wò ó nìyẹn. Ẹ ya òkìtì náà. Ohun tó sàn jù ni kí ẹ gbé kóńgò gidi lọ, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu gàrí sí i.

Àkókò ni ọ̀fìn tó tẹ̀ lé e. Bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́, ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ wà nínú kíkà. Ìdí nìyẹn tí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún fi ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin lójú ẹni tó ń wo kàlẹ́ńdà, tí “òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ” sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan géérégé. Tí ìwé yín bá ní “ọjọ́ méje sẹ́yìn,” obìnrin kan á ka òní mọ́ ọn, òmíràn kò ní kà á, iye ọjọ́ wọn kò sì ní dọ́gba. Ẹ má fi iye ọjọ́ béèrè. Ẹ ní “láti ọjà tó kọjá títí di àná,” tàbí kí ẹ dárúkọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Fún àkókò gígùn, ẹ wá ohun ńlá tí gbogbo wọn rántí. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde dára fún èyí, àmọ́ ọjọ́ kẹta Iléyá ló ń bọ́ sí, kì í sì í dúró sí oṣù kan náà lọ́dọọdún. Nítorí náà ẹ ṣírò iye ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá fúnra yín kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Tí ìbéèrè bá jẹ́ nípa ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, ẹ̀wà mẹ́wàá àti àwo kan ń ṣe iṣẹ́ tí ìdá ọgọ́rùn-ún kò lè ṣe. Wọ́n ti lò ó ní abúlé ní Màláwì. Ẹ ní: “Tó bá dá yín lójú pé kò ní ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ìkankan sí àwo. Tó bá dá yín lójú pé yóò ṣẹlẹ̀, ẹ kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i. Bó bá ṣe ṣeé ṣe sí ni kí ẹ̀wà ṣe pọ̀ sí.” Ìdánrawò rẹ̀ ni ìbéèrè méjì tó bọ́ sínú ara wọn: ẹ̀wà mélòó fún pé ẹ ó lọ sọ́jà láàárín ọjọ́ méjì sí òní? Mélòó fún pé ẹ ó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Iye kejì kò gbọ́dọ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. Tó bá kéré, ẹ ṣàlàyé, kí ẹ sì tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó kọjá.

Èyí tí ìwé àwọn òyìnbó kò ní kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀ ni ohun búburú. Ẹ bi obìnrin yìí pé ẹ̀wà mélòó ló fi sí i pé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ yóò jẹrà lóko lọ́dún yìí, á ní “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́,” kò sì ní fọwọ́ kan ẹ̀wà. Òfo tí ẹ ó kọ sílẹ̀ yẹn, àdúrà ni. Ẹ gbé e kúrò lórí rẹ̀: “Nínú obìnrin mẹ́wàá tó ń yan gàrí ní agbègbè yìí, ẹ̀gẹ́ àwọn mélòó ló lè jẹrà lọ́dún yìí?” Ọgbọ́n kan náà ló yẹ fún iye ọmọ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà ẹ bi í pé àwọn ta ló sùn sínú ilé lánàá, kó máa dárúkọ wọn, kí ẹ̀yin sì máa fi ìlà sàmì.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò ka ìbéèrè síta. Ìwé tí kò ní àmì ohùn á dà á láàmú. “Se e ni oko?” lè jẹ́ oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì lè mú kí opó dìde kúrò níwájú yín. Ẹ fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú fóònù tí wọ́n máa lò, torí fóònù mìíràn a máa sọ àmì di àpótí òfìfo. “Wọ́n” náà nílò ìṣọ́ra. “Ṣé wọ́n máa ń nà ẹ́?” lè jẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì, ó lè jẹ́ olùkọ́ kan tí à ń bọ̀wọ̀ fún. Ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ ní lọ́kàn.

Ẹ sì sá fún “kò” nínú ìbéèrè. Bi ìyá kan pé “Ṣé ẹ ò ta gàrí lánàá?” Tí kò bá tà, á ní “Bẹ́ẹ̀ ni,” ìyẹn ni pé òtítọ́ lẹ sọ, n kò tà. Ẹni tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ronú nídìí fóònù á tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” sábẹ́ “ó tà.” Àṣìṣe yìí kì í hàn nínú àkójọ iye, nítorí kò sí nọ́ńbà tó máa ya yín lẹ́nu. Ibi tí ẹ ti lè rí i ni kí ẹ fi ìdáhùn náà wé iye kóńgò tó sọ pé òun tà.

Kí ẹ tó tẹ páálí jáde, ẹ mú àwòrán nìkan lọ bá ọmọ mẹ́wàá tí kò sí nínú àwọn tí ẹ fẹ́ bi, láìsọ ìbéèrè. “Kí ni ọmọ yìí ń ṣe?” Èmi kì í fẹ́ gba àwòrán tí kò bá tó mẹ́jọ nínú wọn tó sọ ohun tí mo ní lọ́kàn. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ẹ ka ìbéèrè, kí ẹ sì ní, “Ẹ bá mi bi ọ̀rẹ́ yín yìí ní ohun tí mo bi yín.” Bó ṣe máa tún un sọ ní èdè Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó máa yàn, ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbólóhùn tirẹ̀ ló yẹ kó wọ inú ìwé.

Ní ti àwọn ọmọ tí róńdó kò yé, ẹ má yọ wọ́n dànù. Ẹ ṣí òpó kan sínú tábìlì iye yín tó ń sọ ẹni tó yege nínú ìdánrawò, kí ẹ ka ìgbésẹ̀ kìíní fún gbogbo kíláàsì, kí ẹ sì ka ìwọ̀n mẹ́rin fún àwọn tó yege nìkan. Tí àwọn tí kò yege bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ẹ dá iṣẹ́ dúró, páálí ló nílò àtúnyà.